Owó-orí inú ọjà tí ẹ tà: bí ó ṣe yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ sínú ìwé

Láti ìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, ọ̀rọ̀ owó-orí ọjà kò kúrò lẹ́nu àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ̀ pé àwọn yóò gba owó náà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n sì mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ni yóò gbà á níkẹyìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni àárín méjèèjì: owó ti wọ inú àpótí, ó ti dàpọ̀ mọ́ owó ọjà, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà níwájú ẹni. Kí ni kí a kọ? Ṣé gbogbo owó tó wọlé ni ọjà tí a tà? Ṣé ìnáwó ni owó-orí náà ni, tàbí gbèsè?

Àlàyé yìí kò kọjá orí ìbéèrè yẹn. Ọjà tí a tà, tí oníbàárà san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tòun ti owó-orí inú rẹ̀, ni a óò gbé yẹ̀ wò láti ìgbà tí owó bọ́ sí ọwọ́ olùtajà títí di ìgbà tí ìpín ìjọba yóò fi kúrò nínú ìwé.

Kí ni owó-orí ọjà, ta ló sì ni ín?

Owó-orí ọjà ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fáàtì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1994, náírà 5 lórí ọjà 100 náírà ni nígbà náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlè ọdún 2020 ni ó ti di náírà 7 àti 50 kọ́bọ̀ lórí 100, òfin tuntun kò sì yí iye yẹn padà. Ẹni tó ra ọjà láti lò ni ẹrù owó yìí wà lórí rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù kàn ń gbà á jọ ni.

Ẹ wo alájọ tó ń yíká ọjà láràárọ̀. Bí owó tó wà nínú àpò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bá tó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, kò sí ẹni tí yóò sọ pé alájọ náà jèrè ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lónìí, nítorí owó olówó ni, ó sì ní ọjọ́ tí wọn yóò béèrè rẹ̀. Ipò kan náà ni oníṣọ́ọ̀bù wà sí owó-orí tó gbà. Láti ìṣẹ́jú tí owó náà ti bọ́ sí àpótí rẹ̀ ló ti jẹ ìjọba ní gbèsè iye bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ ọjà títà, tí a kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ ìnáwó. Abẹ́ gbèsè ni ààyè rẹ̀, a ó sì ṣí ojú ìwé kan fún un, tí a óò pè ní "Owó-orí ọjà tí a jẹ ìjọba".

Kí a má ṣe da owó yìí pọ̀ mọ́ owó mìíràn. Owó tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí pátákó ìpolówó, tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún, ìnáwó ṣọ́ọ̀bù ni. Owó-orí tí ènìyàn ń san lórí èrè rẹ̀ ní òpin ọdún náà yàtọ̀ pátápátá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó-orí ọjà nìkan ni a gbà lọ́wọ́ oníbàárà ní orúkọ ìjọba.

Ṣé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ gbà á?

Rárá. Òfin ọdún 2019 ti yọ àwọn tí ọjà títà wọn kò tó 25 mílíọ̀nù náírà lọ́dún kúrò nínú ẹrù yìí, òfin tuntun sì tún gbé ààlà náà sókè. Ẹni tí ọjà títà rẹ̀ kò bá tó ààlà, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ fún un, kò ní iṣẹ́ kankan láti máa kọ owó-orí ọjà sórí rìsíìtì. Owó tó gbà ni ọjà tó tà, kò sí ìpín kankan láti yọ. Bí oníṣòwò ńlá tó ń kó ọjà fún un bá sì gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀, ara iye tó fi ra ọjà ni owó yẹn di.

Ọ̀rọ̀ wa láti ibí yìí lọ kan ṣọ́ọ̀bù tó ti forúkọ sílẹ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ gba owó-orí náà. Ó kù kí a rántí pé kì í ṣe gbogbo ọjà inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni a ń gbà á lé. Oúnjẹ àjẹyó ojoojúmọ́ bíi gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti iṣu kò ní owó-orí ọjà tí oníbàárà yóò san. Èyí yóò hàn gbangba nígbà tí a bá dé orí àkọsílẹ̀ ìrọ̀lẹ́.

Kí ni apá òsì àti apá ọ̀tún nínú ìwé?

Àwọn oníṣirò owó máa ń kọ ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan sí apá méjì. Apá òsì ni wọ́n ń pè ní débíìtì, apá ọ̀tún ni krédíìtì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ méjèèjì dẹ́rù bà yín. Fún ọjà tí a tà lówó ọwọ́, apá òsì ń sọ ohun tó wọlé sí wa lọ́wọ́, apá ọ̀tún sì ń sọ ibi tí ohun náà ti wá tàbí ẹni tó ni ín. Iye tó wà ní apá òsì gbọ́dọ̀ bá ti apá ọ̀tún dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, nǹkan kan wà tí a kò tíì kọ, tàbí tí a kọ ní àṣìkọ.

Ohun tó ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé wọ́n lérò pé ìlà kan ní òsì gbọ́dọ̀ ní ìlà kan ṣoṣo ní ọ̀tún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kan lè wọlé kí ó jẹ́ ti ẹni méjì, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí owó-orí bá wà nínú owó ọjà.

Báwo ni a ṣe ń kọ ọjà kan ṣoṣo?

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, tó ń ta ohun èlò ilé, tó sì tún ń ta gàrí àti ìrẹsì níwájú. Oníbàárà kan wọlé, ó yan kúlà oúnjẹ ńlá kan. Iye kúlà náà jẹ́ 8,000 náírà láìka owó-orí. Owó-orí lórí rẹ̀ jẹ́ 600 náírà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 8,600. Oníbàárà mú 9,000 náírà jáde, ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà gbà á, ó fún un ní ṣéńjì 400, ó sì kọ rìsíìtì tí ó ya 8,000 sọ́tọ̀ kúrò lára 600. Ó wá yíjú sí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, ṣé 9,000 tí wọ́n fún mi ni kí n kọ, àbí 8,600?"

"8,600 ni. Ṣéńjì wọn ti padà sọ́wọ́ wọn, kò kàn wá mọ́."

Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ohun tó kù sínú àpótí lẹ́yìn ṣéńjì ni owó tó wọlé. Báyìí ni yóò ṣe wà nínú ìwé:

```
Òsì:   Owó ọwọ́                         8,600
Ọ̀tún:  Ọjà títà                        8,000
Ọ̀tún:  Owó-orí ọjà tí a jẹ ìjọba         600
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé 8,600 náírà wà nínú àpótí lóòótọ́. Ìlà kejì sọ pé 8,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ìlà kẹta sọ pé 600 tó kù jẹ́ ti ìjọba. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì tàbí tí ó fi káàdì san án, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni yóò yí padà: a óò kọ "Owó báǹkì" dípò "Owó ọwọ́". Ìlà méjèèjì tó kù yóò wà bí wọ́n ṣe wà.

Kúlà náà ti kúrò lórí pẹpẹ, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yóò tún kọ ìlà méjì sí i. Bí a bá rà á ní 6,000 náírà láìka owó-orí, a óò kọ 6,000 sí òsì gẹ́gẹ́ bí iye tí a fi ra ọjà tí a tà, a óò sì kọ 6,000 sí ọ̀tún lábẹ́ ọjà tó wà nílẹ̀, kí ọjà tó wà nílẹ̀ lè dín kù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré kì í ṣe èyí lójoojúmọ́. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń ka ọjà tó kù kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀ lápapọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Owó-orí nìkan ni kò ṣeé dá dúró di ìparí oṣù láìya á sọ́tọ̀, nítorí pé ọjà tó wà lórí pẹpẹ ṣeé kà nígbàkigbà, ṣùgbọ́n bí owó-orí bá ti dàpọ̀ mọ́ owó ọjà tán, kò sí àmì kankan lára owó bébà tí yóò fi í hàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà títà?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù yìí ra kúlà náà lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe 6,000 nìkan ló san. Ó san 450 náírà owó-orí lé e, ó wá jẹ́ 6,450. Òfin gbà á láàyè láti yọ 450 yẹn kúrò nínú 600 tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, bí ìwé tó fi rà á bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí owó-orí sì hàn nínú rẹ̀. Ohun tí yóò san fún ìjọba lórí kúlà yìí jẹ́ 150 náírà péré.

Wàyí o, ká ní ó kọ 8,600 gẹ́gẹ́ bí ọjà títà, tí ó sì kọ 6,450 gẹ́gẹ́ bí iye tó fi rà á. Yóò rò pé òun jèrè 2,150 náírà. Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ tòótọ́ ni 8,000 tí a yọ 6,000 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 2,000. Àfikún 150 tó rí nínú ìwé yẹn, owó tí yóò san fún ìjọba ní oṣù tó ń bọ̀ ni. Ó ti ka gbèsè mọ́ èrè. Bí ó bá ta irú kúlà bẹ́ẹ̀ 200 láàárín oṣù kan, 30,000 náírà ni yóò máa wò bí èrè, tí ó lè fi san owó ilé-ìwé tàbí kí ó fi ra ọjà tuntun, títí ọjọ́ ìsanwó yóò fi dé bá a láìsí owó lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò séwu, pé àwọn yóò kọ 150 náà gẹ́gẹ́ bí ìnáwó nígbà tí àwọn bá san án, èrè yóò sì padà di 2,000. Lóòótọ́ ni èrè yóò bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n oṣù tí a ta ọjà yóò ti gbé èrè èké jáde kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọjà títà ọdún yóò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Orí iye ọjà títà ni òfin gbé ààlà rẹ̀ kà, nítorí náà ẹni tó ń ka owó ìjọba mọ́ ọjà tirẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sún mọ́ ààlà tí kò tíì dé.

Oníbàárà nájà, owó-orí ńkọ́?

Àwọn ìwé ìṣirò máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iye tí a kọ sára ọjà ni gbogbo ènìyàn ń san. Ní ọjà tiwa, nínájà ni ọ̀rọ̀ máa ń bá parí. Oníbàárà kejì fẹ́ irú kúlà kan náà, ó ní òun kò ní ju 7,500 náírà lọ, ìyá náà sì gbà. Oníbàárà san 7,500, ó gbé kúlà rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ owó-orí níbẹ̀ rárá.

Owó-orí kò tìtorí ìyẹn kúrò nílẹ̀. Bí olùtajà tó forúkọ sílẹ̀ bá gba iye kan láìsọ pé owó-orí yàtọ̀ sí i, owó-orí ti wà nínú iye náà. Iṣẹ́ wa ni láti fà á yọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: wọ́n á mú ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n á fi 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ìlọ́po 7,500, wọ́n á sì rí 562 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Kò tọ̀nà. Orí iye ọjà láìsí owó-orí nínú rẹ̀ ni a ń ṣírò 7.5, ṣùgbọ́n 7,500 yìí ti ní owó-orí nínú. Ṣe ni wọ́n ń gba owó-orí lórí owó-orí.

Ọ̀nà tó tọ́ nìyí. Ọjà 100 náírà di 107.50 bí a bá fi owó-orí kún un. Nínú 107.50, 7.50 ni owó-orí. Bí a bá pín méjèèjì sí wẹ́wẹ́, yóò já sí 3 nínú 43. Nítorí náà:

```
owó-orí = gbogbo owó tí a gbà × 3 ÷ 43
```

Fún 7,500 náírà, owó-orí inú rẹ̀ jẹ́ 523 náírà àti 26 kọ́bọ̀, ọjà títà sì jẹ́ 6,976 náírà àti 74 kọ́bọ̀. Ẹni tó kọ 562.50 ti fi náírà 39 àti kọ́bọ̀ 24 tirẹ̀ kún owó ìjọba lórí kúlà kan ṣoṣo. Àwọn àgbà oníṣòwò kan ṣì wà tí wọ́n ń fi 21 pín owó tí wọ́n gbà. Ìṣirò yẹn tọ̀nà nígbà tí owó-orí jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n láti oṣù Èrèlè ọdún 2020 kò bá ti òde òní mu mọ́, gbèsè ni yóò sì dá sí ẹni tó bá ń lò ó lọ́rùn.

Bí oníṣọ́ọ̀bù bá gbà pé òun yóò ta ọjà kan ní 7,500, kí ó mọ̀ kí ó tó gbà pé 6,976.74 péré ló jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kúlà tó rà ní 6,000, èrè rẹ̀ lórí rẹ̀ kò tó 1,000 mọ́. Ibi tí ó yẹ kí ìṣirò yìí ti kọ́kọ́ wọlé ni ẹnu nínájà, ṣáájú kí ó tó dé inú ìwé.

Báwo ni a ṣe ń kó ọjà ọjọ́ kan pọ̀ sínú ìwé nírọ̀lẹ́?

Kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí yóò lè máa kọ ìlà mẹ́ta fún kúlà, ìlà mẹ́ta fún ìgò omi, kí ó sì tún dá oníbàárà lóhùn. Ohun tó rọrùn ni ìwé ọjà ojoojúmọ́ tí a fi rúlà pín sí òpó. Òpó kan wà fún gbogbo owó tí a gbà lórí ọjà tó ní owó-orí, òmíràn wà fún oúnjẹ tí kò ní owó-orí. Ìlà kan ṣoṣo ni a óò kọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ni a óò wá ya owó-orí kúrò nínú àpapọ̀ òpó àkọ́kọ́.

Ká ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àpapọ̀ òpó àkọ́kọ́ jẹ́ 64,500 náírà, ti gàrí àti ìrẹsì sì jẹ́ 21,000. Ìlọ́po 3 lórí 64,500, tí a fi 43 pín, fún wa ní 4,500. Owó-orí nìyẹn. Ọjà títà inú òpó náà jẹ́ 60,000. Gbogbo owó tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ náà jẹ́ 85,500.

Àpótí kò ṣófo láàárọ̀: 5,000 náírà ṣéńjì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà 90,500 ni a ń retí. Wọ́n ka owó náà, wọ́n bá 90,300. Igba náírà ti sọnù, bóyá nínú ṣéńjì tí wọ́n fún oníbàárà ju bó ti yẹ lọ.

Ìdánwò tó wà níbí ni pé kí a dín ọjà títà tàbí owó-orí kù kí ìwé lè bá owó tó wà nínú àpótí mu. Ẹ má ṣe é. Ọjà ti jáde, oníbàárà ti san owó-orí rẹ̀, ìjọba kò sì ní ìpín nínú ṣéńjì tí a fún ènìyàn ní àṣìṣe. Àdánù ṣọ́ọ̀bù ni 200 náírà náà, ó sì ní ojú ìwé tirẹ̀:

```
Òsì:   Owó ọwọ́                        85,300
Òsì:   Owó tó dín nínú àpótí              200
Ọ̀tún:  Ọjà títà, ti owó-orí            60,000
Ọ̀tún:  Ọjà títà, oúnjẹ                 21,000
Ọ̀tún:  Owó-orí ọjà tí a jẹ ìjọba        4,500
```

Apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 85,500. Ṣéńjì 5,000 kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé owó àná ni, a sì ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé oúnjẹ ní ìlà tirẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní owó-orí. Ọjà títà ni òun náà, a ó sì kà á nígbà tí a bá ń sọ iye tí a tà lọ́dún. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ òpó àkọ́kọ́, a óò fa owó-orí yọ lára gàrí tí ẹnikẹ́ni kò san owó-orí lé lórí.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé àṣìṣe ti wọ inú ìwé?

Ẹ mú àpapọ̀ owó-orí tí ẹ kọ lóṣù, ẹ fi ọjà títà tó ní owó-orí pín in, kí ẹ sì wo iye tó bọ́ sórí 1,000 náírà ọjà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó jẹ́ náírà 75, tàbí kí ó fi kọ́bọ̀ díẹ̀ yàtọ̀.

Bí ó bá jẹ́ nǹkan bíi 81, ẹnì kan ń ṣírò 7.5 lórí owó tó ti ní owó-orí nínú, bíi ti ẹni tó kọ 562.50 lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá sún mọ́ 70, wọ́n ṣírò owó-orí dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú ọjà títà, gbogbo 8,600 ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 50, ẹni tó ń fi 21 pín owó ni kí ẹ wá. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ kò lè rí ọjà tí wọn kò kọ rárá. Kíka owó inú àpótí àti kíka ọjà tó wà lórí pẹpẹ nìkan ló lè tú ìyẹn fó.

Bí oníbàárà bá dá ọjà padà ńkọ́?

A óò yí ohun tí a kọ padà sẹ́yìn ni. Oníbàárà kúlà àkọ́kọ́ dá a padà nítorí pé ìdérí rẹ̀ kò bá a mu, a sì dá 8,600 rẹ̀ padà fún un. Apá òsì yóò gba 8,000 lábẹ́ ọjà tí a dá padà àti 600 lábẹ́ owó-orí tí a jẹ ìjọba. Apá ọ̀tún yóò gba 8,600 lábẹ́ owó ọwọ́. Ẹni tó bá kọ 8,600 náà sí ọjà tí a dá padà nìkan yóò san 600 fún ìjọba lórí ọjà tó ti padà sórí pẹpẹ rẹ̀. Kí ẹ so rìsíìtì àkọ́kọ́ mọ́ ìwé ìdápadà náà.

Ìgbà wo ni gbèsè náà ń kúrò nínú ìwé?

Owó-orí tí a gbà ní oṣù kan, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ kí ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, pẹ̀lú ìwé tó ń fi ìṣirò hàn. Ká ní ní ìparí oṣù, ojú ìwé "Owó-orí ọjà tí a jẹ ìjọba" ní 118,500 náírà ní apá ọ̀tún, ìyẹn gbogbo ohun tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn ìwé tí a fi ra ọjà ní oṣù kan náà fi hàn pé a san 87,000 owó-orí fún àwọn oníṣòwò ńlá, a sì ti kọ ìyẹn sí apá òsì ojú ìwé kan náà bí a ṣe ń ra ọjà. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 31,500. Ìyẹn ni a óò san.

```
Òsì:   Owó-orí ọjà tí a jẹ ìjọba       31,500
Ọ̀tún:  Owó báǹkì                      31,500
```

Kò sí ojú ìwé ìnáwó kankan nínú rẹ̀. Owó tí kò jẹ́ tiwa nígbà tó wọlé kò lè di ìnáwó wa nígbà tó jáde. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ya owó-orí sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì tún wá kọ 31,500 yìí sí ìnáwó, ti dín èrè rẹ̀ kù ní 31,500 lórí ìwé láìnídìí, gbèsè tó ti san yóò sì ṣì máa hàn bí ẹni pé kò tíì san án.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá sanwó, ẹ yẹ ojú ìwé gbèsè náà wò. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 18 oṣù ni, ohun tó kù níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju owó-orí tí ẹ gbà láti ọjọ́ kìíní oṣù náà títí di ọjọ́ 18, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ èyí tí ẹ san lórí ọjà tí ẹ rà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sí ìwé ojoojúmọ́ oṣù tó kọjá, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti orí ọjà tí wọ́n dá padà.